Àtúnṣe ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan láti inú àwòrán tó kún fún háàṣì

Iṣẹ́ tó wọlé

Akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ni, Excel ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ: "Ọmọ mi, gbà mí o. Gbogbo owó ẹgbẹ́ ti di háàṣì, ìpàdé ọdọọdún sì ti dé tán."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi fáìlì gan-an ránṣẹ́. Wọ́n kọ̀. Gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ ló wà nínú ẹ̀, òfin ẹgbẹ́ kò sì gbà kó jáde kúrò ní ọ́fíìsì. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe, n kò bá wọn jà sí i. Àwòrán ni mo máa kà, àwọn fúnra wọn ni yóò máa tẹ bọ́tìnì.

Kí a tó ṣe ohunkóhun, mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o. Ẹ fi Save As ṣe ẹ̀dà kan, ẹ̀dà yẹn la máa fọwọ́ kàn." Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já máa ń fẹ́ nu àwọn àpótí tó ń pariwo kúrò, bẹ́ẹ̀ sì ni inú àpótí yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà.

Ohun tí àwòrán sọ yàtọ̀ sí àṣìṣe

Mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù, mo sì kọ́kọ́ fi ojú fo gbogbo háàṣì, ìyẹn àmì `#`. Lẹ́tà òkè ni mo wò: A, C, D, títí dé I. Kò sí B. Òpó orúkọ ni B, akápò ló fi pa mọ́, nítorí náà kò kàn wá. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá fò tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ nípa rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, torí pé fọ́múlà máa ń mú nọ́ńbà láti inú òpó tí a kò rí.

Ìlà 3 dé 41 ni ọmọ ẹgbẹ́ wà, nọ́ńbà wọn nínú A bẹ̀rẹ̀ láti 1001, ó dópin sí 1039. Ìlà 42 ni àròpọ̀. C ni àjẹṣẹ́kù, D ni ọjọ́ tí wọ́n yá owó, E ni ẹ̀yáwó, F ni èlé, G ni ọjọ́ ìdápadà, H ni iye ọjọ́ tó kù, I ni ìdá tí ẹ̀yáwó jẹ́ sí àjẹṣẹ́kù. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí orúkọ síìtì máa ń wà, méjì péré ni mo rí: `Eyawo` àti `Ifowopamo`.

Ohun kan tún wà tí ojú máa ń fò. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tún un tò, Excel máa ń ti nọ́ńbà sí ọwọ́ ọ̀tún àpótí, ó máa ń ti ọ̀rọ̀ sí ọwọ́ òsì, ó sì máa ń gbé àṣìṣe sí àárín. Nínú òpó A, ọwọ́ ọ̀tún ni nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ fara mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi mẹ́ta: ìlà 9, ìlà 17 àti ìlà 23. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀.

Háàṣì oríṣi mẹ́ta

Háàṣì ló kó jìnnìjìnnì bá akápò, òun ló sì rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àpótí tó kún fún `########` kò ní àṣìṣe nínú. Nọ́ńbà tàbí déètì ni, odindi ló wà níbẹ̀, kàn jẹ́ pé, lọ́pọ̀ ìgbà, Excel kò rí àyè kọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ lásán lè rọ́ wọ àpótí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ìdí rẹ̀ gé, kò sóhun tó bàjẹ́. Nọ́ńbà kò ṣe é gé bẹ́ẹ̀: bí 150,000 bá gé di 150, ẹni tó kà á ti ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí Excel fi ń fi háàṣì bo gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí háàṣì bá dúró sí ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Nínú òpó D, láti ìlà 3 dé 41, kò sí ẹyọ kan tó yọ. Òpó náà kò fẹ̀ tó ni. Òpó tí ẹnì kan kò tíì fọwọ́ kàn fẹ̀ ní 8.43, ìyẹn bíi nọ́ńbà mẹ́jọ tò pọ̀, déètì tí a kọ báyìí `12-Mar-2024` sì jẹ́ àmì mọ́kànlá.

Nínú òpó E, owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn dáadáa, `150,000.00`, `80,000.00`, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà 42 nìkan ló di háàṣì. Àìtó àyè náà ni: àròpọ̀ gùn ju ohun tí a rò pọ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n gbé atọ́ka máòsì lé E42 láìtẹ̀ ẹ́. Iye owó yọ nínú àpótí kékeré, ohùn akápò sì padà bọ̀ sípò lórí fóònù.

Òpó H ló yàtọ̀. Ó fẹ̀ dáadáa, àwọn ìlà kan di háàṣì, àwọn mìíràn sì gbé déètì kan tó ya ènìyàn lẹ́nu: `14/01/1900`, `14/02/1900`. Ẹgbẹ́ wo ló ń retí owó ní 1900? Déètì wọ̀nyẹn ló tú àṣírí. Lójú Excel, nọ́ńbà ni ọjọ́: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni 1, a sì ń kà lọ láti ibẹ̀. Nítorí náà `14/01/1900` kì í ṣe déètì rárá, ọjọ́ 14 ló kù fún ẹni yẹn láti san owó. `14/02/1900` jẹ́ ọjọ́ 45, ìyẹn 31 ti oṣù kìíní àti 14 lé e. Nọ́ńbà ọjọ́ ni wọ́n wọ aṣọ déètì fún.

Àwọn tó di háàṣì ńkọ́? Àwọn tí ọjọ́ ìdápadà wọn ti kọjá ni. Fọ́múlà ibẹ̀ ni:

```
=G9-TODAY()
```

Bí G bá ti kọjá, ìdáhùn yóò wà lábẹ́ òdo, Excel kò sì ní déètì tó wà lábẹ́ òdo. Bí ẹ bá fa òpó yẹn gùn dé ẹnu ọ̀nà, háàṣì ni yóò kún un dé ibẹ̀. Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn: ẹ fa òpó náà fẹ̀. Bí nọ́ńbà bá yọ, àyè ni kò tó. Bí háàṣì bá ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń fà, déètì òdì ni.

Àtúnṣe D àti E: ẹ tẹ ààlà tó wà lápá ọ̀tún lẹ́tà òpó kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, òpó náà yóò fẹ̀ dé ìwọ̀n ohun tó gùn jù nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún fi ọwọ́ fà á díẹ̀ sí i, nítorí ìwé tó mọ́ lójú kọ̀ǹpútà lè tún bọ́ lórí tẹ̀wé pẹ̀lú háàṣì bó bá há mọ́ra jù. Àtúnṣe H: ẹ mú òpó náà, ẹ tẹ `Ctrl+1`, ẹ yan `Number`, kí `Decimal places` jẹ́ 0. Kíá ni `14/01/1900` di 14, háàṣì ìlà 9 sì di -23, ìyẹn ni pé ẹni náà ti fi ọjọ́ 23 kọjá àdéhùn.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wọn ti gba akápò nímọ̀ràn pé kí wọ́n tan `Use 1904 date system` nínú ètò Excel. Lóòótọ́, déètì òdì yóò hàn bí wọ́n bá ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo déètì tó ti wà nínú ìwé náà yóò fi ọjọ́ 1,462 sún síwájú, ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan. Mo ní kí wọ́n má dán an wò láéláé.

Èlé tó di `#REF!`

Òpó F ni mo tún wò. `#REF!` láti òkè délẹ̀, àti àròpọ̀ rẹ̀. Bí àṣìṣe kan náà bá gba odindi òpó, kì í ṣe inú ìlà kọ̀ọ̀kan ló ti bàjẹ́, ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń tọ́ka sí ló sọnù. Kí ni ohun náà? Àwòrán àkọ́kọ́ kò lè sọ, nítorí pé fọ́múlà àpótí kan péré ló máa ń hàn lókè, èyí tí wọ́n bá tẹ̀. E42 ni akápò sì tẹ̀ nígbà tí wọ́n ya á.

Mo bẹ̀ wọ́n fún àwòrán kejì. Ẹ tẹ `Ctrl` àti bọ́tìnì `` ` `` tó wà lábẹ́ `Esc` pọ̀. Gbogbo àpótí yóò ṣí aṣọ lójú, fọ́múlà ni yóò hàn dípò ìdáhùn. Ẹ ya á, ẹ tún tẹ bọ́tìnì méjèèjì náà kó padà. Bí ènìyàn bá máa bèèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tó fi àwòrán Excel ránṣẹ́, èyí ni kó bèèrè. Nínú òpó F, ohun tó wà níbẹ̀ ni:

```
=E9*#REF!$B$2
```

Ẹ wo ìparí rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n pa ìlà tàbí òpó tí iye èlé wà rẹ́, `#REF!` lásán ni yóò kù, `$B$2` náà yóò bá a lọ. Níhìn-ín, àdírẹ́sì wà, ilé ni kò sí. Síìtì odidi kan ni wọ́n parẹ́, iye èlé sì wà nínú B2 rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ku síìtì méjì péré nísàlẹ̀.

Mo bi akápò bóyá síìtì kẹta ti wà rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Akọ̀wé wa ló tún ilé ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní síìtì kan wà tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ju nọ́ńbà kan lọ." Nọ́ńbà kan yẹn ni gbogbo òpó F gbára lé. `Ctrl+Z` kì í dá síìtì tí a parẹ́ padà. Bí wọn kò bá tíì tọ́jú fáìlì náà, wọn ì bá tì í láìtọ́jú, wọn ì bá sì tún un ṣí. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀.

Iye èlé kò sí nínú àwòrán, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orí kà á. Mo bèèrè bóyá ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún tó kọjá ṣì wà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó yá 150,000 san èlé 15,000; ẹni tó yá 80,000 san 8,000. Méjèèjì bára mu: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní kí wọ́n tún fi ojú kan ìwé òfin ẹgbẹ́, nítorí pé ìpàdé lè yí iye padà láàárín ọdún. Wọn kò yí i.

Àtúnṣe rẹ̀ ní ètò tí a kò gbọ́dọ̀ yí po. Síìtì tuntun la kọ́kọ́ ṣe, a sọ ọ́ ní `Eto`, a kọ 10% sí B2 rẹ̀. Ẹ̀yìn èyí la tó mú òpó F ní `Eyawo`, a tẹ `Ctrl+H`, a wá `#REF!`, a sì fi `Eto!` rọ́pò rẹ̀. Bí a bá rọ́pò kí síìtì tó wà, Excel kò ní rí `Eto`, yóò ṣí fèrèsé kan pé ká wá fáìlì tí nọ́ńbà náà wà lọ. Gbogbo F yí padà lẹ́ẹ̀kan náà:

```
=E9*Eto!$B$2
```

Mo fi kún un pé kí wọ́n kọ "Iye èlé, ẹ má pa á rẹ́" sí A2 síìtì yẹn. Akọ̀wé tó tún ilé ṣe lónìí yóò tún un ṣe lọ́la.

Àwọn mẹ́ta tí Excel kò rí

Òpó C ń mú àjẹṣẹ́kù ọmọ ẹgbẹ́ wá láti inú `Ifowopamo`:

```
=VLOOKUP(A9,Ifowopamo!$A$3:$C$41,3,FALSE)
```

Ó ṣiṣẹ́ nílé gbogbo ènìyàn àfi ìlà 9, 17 àti 23, tí ó kọ `#N/A`. Àwọn ìlà mẹ́ta tí nọ́ńbà wọn fara mọ́ ọwọ́ òsì nìyẹn. `#N/A` kò sọ pé fọ́múlà kò dára. Ohun tó ń sọ ni pé òun wá ohun tí ẹ ní kí òun wá, òun kò rí i. Lójú wa 1007 ni 1007. Lójú Excel, 1007 tó jẹ́ nọ́ńbà àti 1007 tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kò mọ ara wọn rí.

Mo tún fẹ àwòrán náà sí i. Igun òkè lápá òsì àpótí A9 àti A17 ní onígun mẹ́ta kékeré aláwọ̀ ewé. Àmì Excel nìyẹn pé nọ́ńbà wọ inú ìwé bí ọ̀rọ̀. A23 kò ní àmì kankan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òsì ni òun náà wà. Èmi fúnra mi fẹ́ràn ibi báyìí nínú iṣẹ́ yìí, níbi tí ohun tí kò sí ti ń sọ̀rọ̀ ju ohun tó wà lọ.

A9 àti A17 kò pẹ́. Akápò mú wọn, wọ́n tẹ àmì ìyanu tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n yan `Convert to Number`, nọ́ńbà méjèèjì sún sí ọwọ́ ọ̀tún, àjẹṣẹ́kù wọn sì yọ nínú C. Ní A23, `Convert to Number` kò yọ rárá. Mo ní kí wọ́n lọ sí àpótí òfìfo kan, kí wọ́n kọ:

```
=LEN(A23)
```

Ìdáhùn: 5. Àmì mẹ́rin ló wà nínú 1021. Ìkarùn-ún ni àlàfo kan tí ojú kò rí lẹ́yìn 1 tó kẹ́yìn. Wọ́n rántí pé ọmọ ẹgbẹ́ náà fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, wọ́n sì gbé e láti ibẹ̀ wọ inú ìwé. Àlàfo tó máa ń bá irú ohun bẹ́ẹ̀ wọlé kì í sábà jẹ́ ti bọ́tìnì gígùn orí kíbọ́ọ̀dù. Èyí tó ní nọ́ńbà 160 láàárín àwọn àmì kọ̀ǹpútà ni, `TRIM` tó máa ń gbá àlàfo dànù kì í sì í gbá a. Ìdí tí Excel kò fi fún un ní àmì aláwọ̀ ewé náà nìyẹn: kò tilẹ̀ kà á sí nọ́ńbà tó ṣìnà. Bó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀, fọ́múlà yìí ni ǹ bá fi fọ̀ wọ́n:

```
=VALUE(SUBSTITUTE(A23,CHAR(160),""))
```

Ẹyọ kan ni. Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ 1021 padà. `#N/A` tó kẹ́yìn lọ.

Ìlà 30 àti àwọn àròpọ̀

Ní àkókò yìí akápò ti ń ka àwòrán fúnra wọn. Wọ́n ní, "C42 tí ó jẹ́ `#N/A` tẹ́lẹ̀ ti di owó. Mi ò fọwọ́ kàn án o." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àròpọ̀ kò ní àìsàn tirẹ̀. `SUM` tó bá bá àṣìṣe pàdé nínú ohun tó ń rò, àṣìṣe yẹn ni yóò gbé jáde. F42 náà ti bọ̀ sípò nígbà tí èlé padà. Nítorí èyí, ẹni tó bá gba àwòrán bí irú èyí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ìsàlẹ̀, bó ti wù kó pariwo tó.

Ẹyọ kan ló kù, `#DIV/0!` ní I30. I ń fi àjẹṣẹ́kù pín ẹ̀yáwó, `=E30/C30`, C30 sì jẹ́ 0. Ẹnikẹ́ni kò lè fi òdo pín owó. Akápò ti gbọ́ nípa `IFERROR` níbì kan, wọ́n fẹ́ ká fi bo gbogbo òpó kó mọ́. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. `IFERROR` kì í bèèrè irú àṣìṣe tó ń bò. Bí síìtì bá tún sọnù lọ́dún tó ń bọ̀, òpó funfun ni wọn yóò máa wò, wọn yóò sì rò pé àlàáfíà ni. Ìdáhùn fún òdo nìkan la kọ:

```
=IF(C30=0,"Kò ní àjẹṣẹ́kù",E30/C30)
```

Lẹ́yìn tí wọ́n fa fọ́múlà yẹn dé gbogbo òpó I, mo ní kí wọ́n kọ èyí sí ibi òfìfo kan lẹ́yìn òpó I kó bá wa ka àṣìṣe tó kù:

```
=SUMPRODUCT(--ISERROR(A3:I42))
```

Ó kọ 0. Kì í ka háàṣì o, torí háàṣì kì í ṣe àṣìṣe, ojú la fi wò ó. A fi E42 wé ìwé àfọwọ́kọ wọn, wọ́n bára mu dé kọ́bọ̀. Wọ́n tẹ ìwé jáde, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, òpó B ṣì wà ní ìpamọ́.

Ẹnu ọ̀rọ̀ kò tíì kúrò lórí ìlà 30. Ẹ̀yáwó wà lọ́rùn nọ́ńbà 1028, kò sì ní kọ́bọ̀ nínú àjẹṣẹ́kù. Mo bèèrè bóyá òfin ẹgbẹ́ gba bẹ́ẹ̀. Akápò mí kanlẹ̀. "Ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí i, ọmọ mi. Fi sílẹ̀ bó ṣe wà yẹn, kí wọ́n bá a níbẹ̀."